«Le» ni àbí «la»? Ẹ̀yin tí Faransé ti wọ̀ létí, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí

Ọmọ Bódìjà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mò ń múra fún ìdánwò DELF B1, ó ku oṣù mẹ́ta. Mo lè ka Faransé, mo sì ń gbọ́ ọ bí wọn kò bá sáré sọ ọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti gbé bírò pé kí n kọ ọ́, ọ̀rọ̀ akọ àti abo yìí á dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́. Àná ni olùkọ́ mi dá lẹ́tà tí mo kọ padà. Ẹ wo gbólóhùn kan péré nínú rẹ̀, bí mo ṣe kọ ọ́ rèé:

«Ma frère a acheté un voiture neuf et le clé est perdu.»

Bí olùkọ́ ṣe tún un kọ rèé:

«Mon frère a acheté une voiture neuve et la clé est perdue.»

Ojú ibi márùn-ún ni yíǹkì pupa wà nínú ìlà kan ṣoṣo. Kò sì sí ọ̀rọ̀ tí mi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Mo mọ̀ pé «voiture» ni ọkọ̀, mo mọ̀ pé «clé» ni kọ́kọ́rọ́. Mi ò kàn mọ̀ pé obìnrin ni ọkọ̀, pé obìnrin ni kọ́kọ́rọ́. Ìwé tí mò ń lò ní kí n há a sórí. Mo ti há a títí, kò dúró. Kí ló dé tó fi le fún àwa tó báyìí? Báwo lẹ̀yin tí ẹ ti kọjá ibẹ̀ ṣe ṣe é?

Bàbá Ṣakí

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Ẹni tó bá ní Yorùbá kò ní akọ àti abo kò jókòó ti àgbà. A ní akọ ajá, a ní abo ajá. A ní akọ òkúta, a sì ní akọ ìbẹ́pẹ tí kì í so. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí wa, ẹ̀rù ló kàn ń bà yín. Nígbà tí mo ṣe Faransé nílé ẹ̀kọ́ girama, òfin kan ni wọ́n fún wa, òun náà ni mo sì fi jáde: ọ̀rọ̀ tó bá fi «e» parí, abo ni; èyí tí kò bá fi «e» parí, akọ ni. Wo «table», wo «chaise», wo «porte», wo «fenêtre», wo «voiture» tìrẹ yẹn. Di òfin yìí mú, wàá ríran.

Ẹlẹ́rù Ìdúmọ̀tà

Àbúrò, má jẹ́ kí wọ́n fi gírámà dá ọ lágara. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń kó ọjà ní Dantokpa ní Kútọ́nu, mi ò tíì rí ẹni tó kọ owó mi nítorí pé mo pe «le» níbi tó yẹ kí n pe «la». Wọ́n ń gbọ́ mi, wọ́n sì ń bá mi dúnàádúrà.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló dà mí láàmú. Mo fẹ́ dé ilé ìfìwéránṣẹ́, mo bi ọlọ́kadà kan, àwọn tí wọ́n ń pè ní sẹ́míjàn: «Où est le poste?» Ó ní kí n gun ẹ̀yìn òun. Ibi tó gbé mi dé, ọlọ́pàá ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àṣé «la poste» ni ilé ìfìwéránṣẹ́, «le poste» sì ni àgọ́ ọlọ́pàá. Mo san owó ọ̀kadà lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ náà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, mò ń ta, mò ń rà.

Ìyá Olùkọ́ Àjàṣẹ́

Ẹ kú ìjókòó, gbogbo ilé. Ọmọ Kétu ni mí, Àjàṣẹ́ ni mò ń gbé, mo sì fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní Faransé kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ Nàgó bíi tèmi ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn kan sì ń ti Nàìjíríà wá.

Bàbá Ṣakí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ọ̀wọ̀ dá yín lóhùn. Òótọ́ ni pé a ní akọ ajá àti abo ajá. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́: «Abo ajá ńlá kan ń gbó. Akọ ajá ńlá kan ń gbó.» «Ńlá» ò yí padà, «kan» ò yí padà. Tí a ò bá sì fẹ́ dárúkọ ajá náà mọ́, «ó ń gbó» la ó sọ fún méjèèjì. Ara ajá ni akọ àti abo tiwa wà, kò wọ inú gbólóhùn. Ti Faransé ò rí bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá ní abo ni «voiture», ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ó máa fa «une» síwájú ara rẹ̀, ó máa fa «neuve» sẹ́yìn, ó sì máa fa «elle» wá nínú gbólóhùn tó tẹ̀lé e. Kò sí ohun obìnrin kankan lára mọ́tò.

Ọmọ Bódìjà, tún yíǹkì pupa rẹ wò. Ibi márùn-ún ni wọ́n ti fà á, àmọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló bí gbogbo wọn. «Voiture» bí méjì, «clé» bí méjì, «frère» bí ẹyọ kan. Ká ní «une voiture» ló ti ẹnu rẹ jáde ni, «neuve» ì bá tẹ̀lé e wá. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni gbèsè rẹ, kì í ṣe márùn-ún.

Wàyí o, ìdí tó fi le fún wa. Lédè wa, orúkọ nǹkan ló ń ṣáájú: «ìwé kan», «ìwé náà», «ìwé mi». Ó ti mọ́ wa lára láti kọ́kọ́ mú orúkọ, ká tó wá ohun tá a máa so mọ́ ọn nídìí. Ọmọ wa tó fẹ́ sọ Faransé á kọ́kọ́ rí «clé» nínú ọkàn rẹ̀, á wá padà sẹ́yìn lọ wá «le» tàbí «la» tí yóò gbé síwájú rẹ̀. Àtipadà yẹn ni wàhálà. Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í dúró de èèyàn, nítorí náà á fa èyí tó bá sún mọ́ ọn yọ, akọ ló sì sábà máa ń jẹ́. Wo gbólóhùn rẹ: «un voiture», «le clé». Akọ ni o fún méjèèjì. O ò ṣe àṣìṣe káàkiri, ojú kan náà lo ń ṣubú sí.

Bẹ́ẹ̀ a ní nǹkan tó jọ ọ́ nílé. Wo «ìlù». Yọ «ì» kúrò, «lù» ló kù, ìyẹn sì ti di nǹkan mìíràn. Nígbà tó o wà lọ́mọdé, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní «lù» lónìí, kó tó di ọ̀la kó wá ní «ì» ló ń ṣáájú rẹ̀ tó bá di nǹkan tí wọ́n ń lù. Odindi «ìlù» lo gbọ́, odindi lo gbé mì. Bẹ́ẹ̀ ni kó o ṣe mú «une clé». Má fi «clé» nìkan sínú ìwé rẹ mọ́ láéláé, àní bí o bá ń kọ ọ́ sára ọwọ́.

Mo sì ní «une», mi ò ní «la». Inú ìwé tí ẹ̀ ń rà, «le» àti «la» ni wọ́n fi ń kọ́ yín. Nígbà tó bá di ọ̀rọ̀ tí fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, «l'école», «l'arbre», «l'orange», «l'avion», gbogbo wọn ti rí bákan náà, o ò mọ akọ, o ò mọ abo. Ṣùgbọ́n «une école», «un arbre», «une orange», «un avion» ò lè fara pamọ́ lójú ìwé.

Tọ́lá Hamburg

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Nọ́ọ̀sì ni mí nílẹ̀ Jámánì, tiwa níbí tún le jù tiyín lọ, torí mẹ́ta ni: «der», «die», «das». Ẹ jókòó sídìí oúnjẹ ẹ rí i: «der Löffel» ni ṣíbí, akọ ni, «die Gabel» ni fọ́ọ̀kì, abo ni, «das Messer» ni ọ̀bẹ, kò ṣakọ, kò ṣabo. Orí àwo kan náà! Ọmọdébìnrin pàápàá, «das Mädchen», kì í ṣe abo lédè wọn, nítorí «-chen» tó wà nídìí rẹ̀.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni àwọ̀. Mo ra ìwé pélébé alálẹ̀mọ́ aláwọ̀ mẹ́ta, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo nǹkan inú ilé: búlúù fún akọ, pupa fún abo, àwọ̀ ewé fún ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Tí mo bá sì ń ronú sí nǹkan, mo máa ń fojú inú wò ó bí èèyàn. Mo máa ń rí fọ́ọ̀kì bí obìnrin tó we gèlè. Ọmọ Bódìjà, gbìyànjú ẹ̀.

Ìyá Olùkọ́ Àjàṣẹ́

Tọ́lá, o ṣeun. Wo ohun tó o kọ yẹn: akọ ni ṣíbí lọ́dọ̀ yín, abo sì ni lọ́dọ̀ wa, «une cuillère». Ṣíbí náà ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Àwọ̀ dára, mo gbà. Gèlè ni mi ò fọwọ́ sí. Mo ti rí i lọ́wọ́ àwọn ọmọ tí mo kọ́: ẹni tó bá ń wá obìnrin lára nǹkan á ṣìnà lọ́jọ́ tó bá dé ọ̀dọ̀ irùngbọ̀n, torí abo ni, «une barbe». Ọkùnrin tí olè jà lólè, «une victime» ni. Bí ọkùnrin bá sì tóbi bí igi ìrókò, «une personne» ni, «elle» la ó sì fi tọ́ka sí ọ̀rọ̀ náà. Lẹ gbólóhùn kúkúrú mọ́ nǹkan, má lẹ àwòrán obìnrin mọ́ ọn nínú ọkàn.

Tọ́lá Hamburg

Màmá, mo gbọ́ o, ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n gèlè yẹn ṣiṣẹ́ fún èmi. Ọdún kẹrin rèé, mi ò tíì ṣì fọ́ọ̀kì pè rí.

Ìyàwó Ilé Peckham

Ẹ kú àsìkò yìí o. Ọ̀rọ̀ yìí bà mí nínú jẹ́, torí ohun tí wọ́n fi ń bú màmá mi níbí nìyẹn. Wọ́n á máa sọ̀rọ̀ nípa èmi ọmọ wọn obìnrin lédè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á ní «he». Àwọn ọmọ mi á máa rẹ́rìn-ín. Mo ti ṣàlàyé fún wọn pé «ó» kan náà là ń lò fún ọkùnrin, obìnrin àti ewúrẹ́, pé ohun tí èdè tiwa ń bi ni pé ṣé àgbà ni àbí ọmọdé, ká tó mọ̀ bóyá «ó» ni àbí «wọ́n». Báwo ni mo ṣe lè kọ́ màmá ní ẹni ọgọ́rin ọdún?

Ìyá Olùkọ́ Àjàṣẹ́

Ìyàwó Peckham, má kọ́ wọn. Àwọn ọmọ ni kó o kọ́. Ọ̀rọ̀ «ó» tó o sọ yẹn, òótọ́ pọ́ńbélé ni, ó sì kan Ọmọ Bódìjà. Àmọ́ ti Màmá rọrùn díẹ̀: èèyàn ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, tí wọ́n bá wo ojú onítọ̀hún, wọ́n á mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa kọ́kọ́rọ́ ò rí ojú kankan wò.

Àti pé Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ tún ń tì yín sí kòtò mìíràn. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ló sábà máa ń sọ «sa père» nígbà tó bá jẹ́ bàbá ọmọbìnrin. Wọ́n ń wo ẹni tó ni bàbá, bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń ṣe. Nǹkan tí a ní ni Faransé ń wò: «son père», «sa mère», ì báà jẹ́ ti Bọ́lá ọkùnrin, ì báà jẹ́ ti Bọ́lá obìnrin. Àwọn ọmọ Kétu tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe èyí, torí «rẹ̀» tiwa kì í wo ẹnikẹ́ni.

Kọ̀ǹpútà Ni Mo Fi Ń Jẹun

Ẹ ǹlẹ́ o. Mo ń fi Anki kọ́ Faransé, káàdì lórí fóònù ni. Yorùbá ni mò ń kọ síwájú, mo sì máa ń fi «petit» tàbí «petite» kún tẹ̀yìn kí ó lè dún létí mi. Ẹ kọ ọ́ sínú fáìlì lásán báyìí, Anki á gbà á wọlé:

```
ọ̀bẹ;un petit couteau
ṣíbí;une petite cuillère
ilé-ẹ̀kọ́;une petite école
igi;un petit arbre
```

Káàdì méje lóòjọ́, ẹ má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ṣe ogún lóòjọ́ rí, ọ̀sẹ̀ kejì ni mo pa á tì.

Ìyá Olùkọ́ Àjàṣẹ́

Ọmọ dáadáa. Méje tó. Yorùbá tó o fi síwájú náà dára, torí ojú tí yóò rí nǹkan náà nígbà tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Àmọ́ ka ìlà kẹta àti ìkẹrin sókè kí o gbọ́ ara rẹ. «T» ìparí «petit» kì í dún nínú «petit couteau», ṣùgbọ́n ó máa ń dún tí fáwẹ̀lì bá tẹ̀lé e. «Petit arbre» àti «petite école», «petit» kan náà letí gbọ́. Káàdì rẹ ò sọ nǹkan kan fún etí. «Un arbre» gan-an ṣòro, torí «n» ìdí «un» máa ń fò mọ́ «arbre», ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ «une». Àwọn ọ̀rọ̀ tí fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ wọn ló ń pẹ́ jù lọ kí àwọn ọmọ tó mọ̀ wọ́n, ohun tó fà á nìyẹn.

Mú ọ̀rọ̀ tó ń tẹ̀lé orúkọ, tí akọ àti abo rẹ̀ sì dún yàtọ̀ gedegbe. «Vert» àti «verte», «blanc» àti «blanche» ni mo fẹ́ràn jù:

```
ilé-ẹ̀kọ́;une école blanche
igi;un arbre vert
ẹyin;un œuf blanc
ọsàn;une orange verte
```

Bó o bá gbàgbé «une», «blanche» á rán ọ létí. Ẹlẹ́rìí méjì ló wà lórí ọ̀rọ̀ kan, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn.

Adé Àgbádárìgì

Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Yunifásítì ni mo ti ń kọ́ Faransé, mo sì ti lo àkókò ní Abúlé Faransé ní Àgbádárìgì níbi tí wọ́n máa ń kó àwa akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Ohun tí mo ṣàwárí níbẹ̀ ni pé orí mi kọ́ ló ní àìsàn, etí mi ni. Mi ò gbọ́ ìyàtọ̀ «un» àti «une» rárá.

«Un» rọrùn fún wa, ó sún mọ́ «ẹn» tiwa. «Une» ni ìṣòro. Fáwẹ̀lì tó wà nínú rẹ̀ kò sí lédè wa, torí náà ẹnu wa á sọ ọ́ di «uni» tàbí «ini». Ọ̀nà tí wọ́n fi kọ́ mi rèé: pe «i», jẹ́ kí ahọ́n dúró sójú kan náà, kí o wá sú ètè bí ẹni tó fẹ́ súfèé. Wo dígí nígbà tó o bá ń ṣe é. Tí ahọ́n bá ti sún sẹ́yìn, «u» tiwa ló ń bọ̀ yẹn, tún un ṣe.

Èkejì: ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí. Ìdí nìyẹn tí «bread» fi di «búrẹ́dì» lọ́wọ́ wa. Ìdí «verte», «t» nìkan ló ń sọ pé abo ni. Ẹni tó bá gbé «t» yẹn mì ti gbé abo mì. Ẹni tó bá sì fi «ì» kún un, a ó ṣì gbọ́ ọ, torí náà fífikún un sàn ju gbígbé e mì lọ.

Ìdánrawò tí mo fi gba ara mi là: èmi àti ọ̀rẹ́ mi máa ń jókòó kọ ẹ̀yìn síra wa. Á ka ogún ọ̀rọ̀ pẹ̀lú «un» tàbí «une». Mo gbọ́dọ̀ na ọwọ́ ọ̀tún fún «une», òsì fún «un», kí ó tó parí ọ̀rọ̀ náà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mọ́kànlá péré ni mo gbà nínú ogún, bíi ká sọ owó sókè ká máa méfò. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó máa gbà méjìdínlógún. Ṣe èyí ná kó o tó ra káàdì kankan.

Ọmọ Bódìjà

Ẹ̀gbọ́n Adé, mo ṣe é lálẹ́ yìí pẹ̀lú àbúrò mi. Mẹ́tàlá nínú ogún. Méje tó bọ́ lọ́wọ́ mi, márùn-ún nínú wọn ló jẹ́ ọ̀rọ̀ tí fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bí Màmá ṣe wí gẹ́lẹ́.

Màmá, ṣé òfin «e» ti Bàbá ò wúlò rárá ni?

Ìyá Olùkọ́ Àjàṣẹ́

Ó wúlò díẹ̀. Tí «e» bá wà nídìí ọ̀rọ̀, abo ló pọ̀ jù nínú wọn. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó o máa lò lójoojúmọ́ ló wà nínú èyí tó yapa: «un livre», «un verre», «un arbre», «un téléphone». Bẹ́ẹ̀ ni abo wà láìsí «e»: «une main», «une maison», «une fleur», «une dent». Tí o bá fi òfin yẹn wọ ìdánwò, wàá pàdánù ọ̀pọ̀lọpọ̀.

Ìdí ọ̀rọ̀ tó gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ ni kó o gbára lé. Mẹ́ta péré ni màá fún ọ. «-tion», abo: «une station», «une question». «-age», akọ: «un village», «un garage», «un voyage», àyàfi kéékèèké bíi «une page», «une plage», «une image», «une cage». «-eau», akọ: «un bateau», «un gâteau», àyàfi omi àti awọ ara, «une eau», «une peau». Àwọn tó yapa yẹn, kọ́ wọn bí orúkọ èèyàn.

Ó ku ìdánrawò kan tí ẹ kò dárúkọ, òun ni mo sì ka sí jù. Ẹni tó bá ti mọ «une clé» dáadáa ṣì máa ń sọ «il est perdu» ní gbólóhùn kejì, nítorí «ó» ló wà lọ́kàn rẹ̀. Kó nǹkan mẹ́fà sórí tábìlì: kọ́kọ́rọ́, ọ̀bẹ, ṣíbí, ìwé, ife onígíláàsì, ọsàn. Kí àbúrò rẹ gbé ọ̀kan pamọ́, kó bi ọ́: «Et la clé?» Ìwọ á dáhùn: «Elle n'est pas là.» «Et le couteau?» «Il est là.» Lọ́jọ́ kẹta, kí ó má dárúkọ nǹkan náà mọ́, kó kàn nàka sí i, kí ìwọ fúnra rẹ dárúkọ rẹ̀ kó o tó fi «il» tàbí «elle» tẹ̀lé e. Bó o bá ní láti dúró mí kó o tó dáhùn, ka ọ̀rọ̀ náà sí èyí tó o kùnà, kó o sì dá káàdì rẹ̀ padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹlẹ́rù Ìdúmọ̀tà

Màmá, mo bọ̀wọ̀ fún yín o. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń dúró mí kó tó dárúkọ ọsàn, wọ́n á ti ta ọsàn náà fún ẹlòmíràn lọ́jà. Ṣé kò sàn kí èèyàn máa sọ ọ́ lọ, kí ó máa tún un ṣe lẹ́yìn?

Ìyá Olùkọ́ Àjàṣẹ́

Lọ́jà, máa sọ ọ́ lọ, ọmọ mi. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni dúró lọ́jà. Nídìí tábìlì nílé ni mo ní kí ó dúró. Ní ti pé ká tún un ṣe lójú ọ̀rọ̀ tàbí ká fi sílẹ̀, èmi àti àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi jiyàn lé e títí mo fi fẹ̀yìn tì. Àwọn kan ní kí ọmọ sọ gbólóhùn náà tán kí a tó tún un ṣe fún un. Èmi máa ń dá a dúró lójú ẹsẹ̀. Àwọn ọmọ kan sì wà tí wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́ nítorí bẹ́ẹ̀, ó ṣì ń dùn mí.

Ọmọ Bódìjà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ti kọjá. Káàdì méje lóòjọ́, mi ò pa á jẹ ju ọjọ́ méjì lọ. Ti ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì ti di mẹ́tàdínlógún nínú ogún. Ohun tí mo kọ láàárọ̀ yìí rèé, láìwo ìwé:

«La voiture de mon frère est blanche. Elle est au garage. Il y a une petite problème: la clé est perdue, elle n'est pas dans la maison.»

Bàbá Ṣakí

Ó dára gan-an! Mi ò rí àṣìṣe kankan níbẹ̀.

Ìyá Olùkọ́ Àjàṣẹ́

«Voiture» dúró, «clé» dúró, «elle» tẹ̀lé wọn lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ẹyọ kan ló kù: «un petit problème». Bàbá, «e» tiyín ló tún mú un, ẹ má bínú. «Problème», «système», «thème», akọ ni gbogbo wọn. Abo ni «crème» ní tirẹ̀.

Má kọ ọ́ mọ́ «petit» lórí káàdì, «gros» ni kó o lò. «Gros» àti «grosse» ò jọra létí.

Ọmọ Bódìjà

Mo ti kọ ọ́ báyìí, Màmá:

```
ìṣòro;un gros problème
```